Ṣé a lè sọ pé abc = 1 nígbà tí ìbéèrè kò sọ bẹ́ẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́_Tankẹ

Àsàlámù àlékùm, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ìbéèrè karùn-ún nínú Olimpíádì ìṣirò Amẹ́ríkà ti 1997 ni mo ń bá yí. Wọ́n ní a, b àti c ju òdo lọ, kí á wá fi hàn pé:

```
1/(a³+b³+abc) + 1/(b³+c³+abc) + 1/(c³+a³+abc) ≤ 1/(abc)
```

Ẹ̀rí tí mo rí bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ẹ jẹ́ kí abc = 1." Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ti dúró, torí ìbéèrè ò sọ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá mú a = 1, b = 2, c = 4, ìlọ́po mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 8, kì í ṣe 1. Ṣé kì í ṣe pé ẹni náà kàn yanjú apá kan nínú ìbéèrè, ó wá fi ìyókù sílẹ̀?

Bọ̀dá_Ọ̀fà

Àbúrò, má da ara rẹ láàmú. Níwọ̀n ìgbà tí lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti ju òdo lọ, o lè fi nọ́ńbà kan pín gbogbo wọn títí ìlọ́po wọn á fi di 1. Gbogbo àìdọ́gba tó ní a, b, c ló gba irú ẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀, kí o máa bá iṣẹ́ lọ.

Àáfà_Oníṣirò

Bọ̀dá, ìdajì ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà. Pé a lè pín wọn, òótọ́ ni. Pé gbogbo àìdọ́gba ló gbà á, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Ẹ wo owó. Bí wàrà ìsọ̀ kan bá jẹ́ 500 náírà, tí ti èkejì jẹ́ 300, ẹni tó bá kà á ní kọ́bọ̀ á rí 50,000 àti 30,000. Èyí tó wọ́n ṣì wọ́n, torí ọgọ́rùn-ún kan náà ló wọ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ wá gbìyànjú láti sọ pé "iye owó tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ kò lè kéré sí iye owó náà," ìyẹn a² ≥ a. Ní kọ́bọ̀, 50² jẹ́ 2,500, ó ju 50 lọ. Ṣùgbọ́n owó kan náà yẹn, 0.5 náírà ni, 0.5² sì jẹ́ 0.25, kò tó 0.5. Owó ò yí padà, bí a ṣe ń kà á ló yí, gbólóhùn tó jẹ́ òótọ́ sì di irọ́. Ohun tó fà á ni pé ẹ̀gbẹ́ kan ní ipele kejì, ẹ̀gbẹ́ kejì ní ipele kìíní. Nígbà tí ọgọ́rùn-ún bá wọlé, ẹ̀gbẹ́ kan gbé e lẹ́ẹ̀mejì, èkejì gbé e lẹ́ẹ̀kan.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni ipele. Ẹ fi ta, tb, tc rọ́pò a, b, c. Bí t bá jáde ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pẹ̀lú agbára kan náà, àìdọ́gba yẹn kò bìkítà bóyá kọ́bọ̀ ni tàbí náírà, ẹ sì lómìnira láti yan òṣùwọ̀n tó bá yín lára mu.

Nínú ìbéèrè àbúrò wa, a³, b³ àti abc, ipele kẹta ni gbogbo wọn. Ìsàlẹ̀ ìdá kọ̀ọ̀kan á mú t³ jáde, nítorí náà ọwọ́ òsì á di ìdá t³ ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún, 1/(abc), á ṣe bákan náà. Ó pé. Ẹ jẹ́ kí t jẹ́ rúùtù kẹta abc, kí ẹ fi pín a, b àti c. Ìlọ́po àwọn tuntun á jẹ́ abc/t³, 1 nìyẹn.

Wo 1, 2, 4 tìrẹ, àbúrò. abc = 8, rúùtù kẹta rẹ̀ jẹ́ 2, àwọn tuntun sì jẹ́ 1/2, 1, 2. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n wé ara wọn:

```
(1, 2, 4):    1/17 + 1/80 + 1/73 ≈ 0.0850     ọwọ́ ọ̀tún: 1/8 = 0.125
(1/2, 1, 2):  8/17 + 1/10 + 8/73 ≈ 0.6802     ọwọ́ ọ̀tún: 1
```

Ìlà kejì jẹ́ ìlà kìíní tí a fi 8 sọ di púpọ̀ ní ọwọ́ méjèèjì. Èyí tó kéré ṣì kéré. Ẹni tó bá fìdí ìlà kejì múlẹ̀ ti fìdí ìkìíní múlẹ̀ pẹ̀lú, kò sì sí mẹ́ta kankan tó ju òdo lọ tí a ò lè mú wá sí ìlà kejì. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí apá tí wọ́n fi sílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Tankẹ

Ẹ ṣé gan-an, Àáfà. Ó ti ń yé mi. Ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni kò yé mi: wọ́n kàn fò lọ síbi c/(a+b+c). Níbo ni c ti wá, nígbà tí kò sí c rárá nínú a³+b³+1?

Tísà_ÒmùÀrán

Láti inú 1 yẹn ni c ti wá. Jẹ́ ká rìn ín díẹ̀díẹ̀.

Àkọ́kọ́, a³+b³ ≥ ab(a+b). Yọ ọwọ́ ọ̀tún kúrò nínú ọwọ́ òsì, ohun tó kù ni (a+b)(a−b)², èyí kò sì lè kéré sí òdo.

Lẹ́yìn náà, dípò kí o fi 1 sílẹ̀ bí 1, kọ ọ́ padà ní abc:

```
a³ + b³ + 1  ≥  ab(a+b) + abc  =  ab(a+b+c)
```

Nígbà tí o bá yí ìdá sódì, àmì á yí pẹ̀lú, nítorí náà 1/(a³+b³+1) kò ju 1/(ab(a+b+c)) lọ. Níbi yìí ni abc = 1 ti tún ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, torí 1/(ab) jẹ́ c gan-an. Ìdá kìíní kò ju c/(a+b+c) lọ. Èkejì kò ju a/(a+b+c), ẹ̀kẹta kò ju b/(a+b+c). Ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, 1 ni.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí nínú ìwé àwọn ọmọ níbi yìí ni pé wọ́n á lo AM-GM tààrà ní ìsàlẹ̀ ìdá: a³+b³+1 ≥ 3ab. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdá á wá di 1/(3ab), ìyẹn c/3, àròpọ̀ á sì di (a+b+c)/3. Nígbà tí abc = 1, (a+b+c)/3 kò kéré sí 1 láé! Ọmọ náà á wá ní òkè àjà tó ga ju ibi tó yẹ kó dúró sí. Bí o bá rí i pé òpin iṣẹ́ rẹ ń béèrè pé a+b+c ≤ 3, mọ̀ pé o ti ṣìnà, torí òdìkejì rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́.

Àáfà_Oníṣirò

Tísà ti parí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi kiní kan kún un kí á má baà ṣe àsọdùn: nínú ìbéèrè yìí, inú ìkọ̀wé nìkan ni abc = 1 ti ràn wá lọ́wọ́. Ẹni tó bá fi abc sílẹ̀ bó ṣe wà á rí i pé a³+b³+abc ≥ ab(a+b+c), ìdá rẹ̀ kò sì ju c/(abc(a+b+c)) lọ. Àròpọ̀ á já sí 1/(abc). Ẹ̀rí kan náà ni, abc kan ń tẹ̀ lé wa kiri bí òjìji. Ṣùgbọ́n ojú tètè rí ọ̀nà nígbà tí ẹrù bá fúyẹ́.

Bọ̀dá_Ọ̀fà

Mo gbà nípa ipele. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí: a²+b²+c² ≥ a+b+c. Mo ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pẹ̀lú abc = 1, ó sì jáde láìsí wàhálà. a²+b²+c² kò kéré sí (a+b+c)²/3, a+b+c sì kò kéré sí 3, nítorí náà (a+b+c)²/3 kò kéré sí a+b+c. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i?

Tísà_ÒmùÀrán

Kò sí àṣìṣe nínú ẹ̀rí yín, Bọ̀dá. Òótọ́ ni nígbà tí abc bá jẹ́ 1. Ẹ wá gbìyànjú a = b = c = 1/2: ọwọ́ òsì jẹ́ 3/4, ọwọ́ ọ̀tún jẹ́ 3/2. Ó wó.

Ohun tí ẹ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ti gidi ni èyí, tí ipele rẹ̀ dọ́gba:

```
a² + b² + c²  ≥  (a+b+c)·∛(abc)
```

Nígbà tí abc bá jẹ́ 1, rúùtù yẹn di 1, ó sì pòórá lójú. Bí ẹ bá fẹ́ kúrò ní abc = 1 padà sí gbogbo nọ́ńbà, ẹ gbọ́dọ̀ dá a padà síbi tó ti kúrò. Ẹ wo iye ipele tó ṣe aláìní ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ fi ∛(abc) dí i níye ìgbà yẹn.

Ọmọ_Ìgbómìnà

Ẹ kú ìjíròrò o. Èmi náà ní irú ẹ̀. Olimpíádì Àgbáyé 2000, ìbéèrè kejì: (a−1+1/b)(b−1+1/c)(c−1+1/a) ≤ 1. Àwọn fúnra wọn ló sọ pé abc = 1. Ohun tí ẹ sọ yé mi pé abc = 1 kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí náà mo yọ ọ́ kúrò, mo ní kí a, b, c jẹ́ ohunkóhun. Mo fi a = b = c = 2 wò ó, ó jáde ní 1.5 × 1.5 × 1.5, ìyẹn 3.375. Ṣé ìbéèrè wọn ló bàjẹ́ ni?

Àáfà_Oníṣirò

Rárá o, òdìkejì ohun tí a ń sọ lo ṣe. Nínú ìbéèrè àbúrò Tankẹ, a fúnra wa la mú abc = 1 wá, torí ipele dọ́gba. Nínú tìrẹ, àwọn ló fún ọ. Wo ipele: a, 1 àti 1/b wà nínú àkámọ́ kan. Ipele kìíní, òdo, àti ìsàlẹ̀ òdo. Kò dọ́gba rárá, nítorí náà o ò lè yọ ọ́.

Ohun tí o lè ṣe ni pé kí o lo abc = 1 láti sọ ọ́ di èyí tí ipele rẹ̀ dọ́gba. Fi a = x/y, b = y/z, c = z/x. Ìlọ́po wọn jẹ́ 1 láìsí pé o béèrè. Bí o bá ń rò pé kì í ṣe gbogbo a, b, c ló ní x, y, z, mú z = 1, y = b, x = ab, á bá a mu. Àkámọ́ kìíní á di (x−y+z)/y, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e, ohun tó kù ni:

```
(x−y+z)(y−z+x)(z−x+y) ≤ xyz
```

Ipele kẹta ní ọwọ́ méjèèjì. Bí o bá ro méjì nínú àkámọ́ wọ̀nyẹn pọ̀, ìlọ́po méjì lẹ́tà kan ló ń jáde, èyí tó ju òdo lọ. Nítorí náà kò ju ọ̀kan lọ tó lè lọ sí ìsàlẹ̀ òdo. Bó bá lọ síbẹ̀ tàbí tó jẹ́ òdo, ọwọ́ òsì kò ju òdo lọ, iṣẹ́ ti parí. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà lókè òdo, ìkìíní àti ìkejì papọ̀ jẹ́ x²−(y−z)², èyí tí kò ju x² lọ. Ṣe é fún méjì yòókù, sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀, kí o mú rúùtù kejì.

Injíníà_Ìpata

Kí ló dé tí ẹ ń ṣe gbogbo wàhálà yìí? Nígbà tí abc = 1 bá ti wà, ọ̀nà Lagrange ń bẹ. Ẹ wá ibi tí ìyípadà ti dúró, ẹ wọn iye rẹ̀, ó tán. Àpẹẹrẹ: 1/(1+a) + 1/(1+b) + 1/(1+c). Lagrange ní a/(1+a)² gbọ́dọ̀ dọ́gba fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibì kan ṣoṣo tó gbà á pẹ̀lú abc = 1 ni a = b = c = 1, iye ibẹ̀ sì jẹ́ 3/2. Ibì kan ṣoṣo, nítorí náà 3/2 ni ìsàlẹ̀.

Àáfà_Oníṣirò

Injíníà, ẹ fi a = b = 10, c = 1/100 wò ó.

Injíníà_Ìpata

1/11 + 1/11 + 100/101... 1.17. Hàà. Ó dára, òkè wá ni nígbà náà, kì í ṣe ìsàlẹ̀.

Àáfà_Oníṣirò

Ẹ fi a = b = 1/10, c = 100.

Injíníà_Ìpata

1.83. Kì í ṣe òkè, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wá ibi tí ìyípadà ti dúró dáadáa, mo sì ti tún un ṣe, ibì kan náà ló ń jáde.

Àáfà_Oníṣirò

Ìṣirò yín tọ̀nà. Ohun tó sọnù ni pé Lagrange kì í ṣe ẹ̀rí pé òkè tàbí ìsàlẹ̀ wà. Ó kàn ń sọ pé bó bá wà, ibi báyìí ni ẹ ti máa bá a. Abc = 1 kò ní ògiri. a àti b lè máa ga láìlópin bí c bá ń sún mọ́ òdo, nítorí náà iye náà lè máa sọ̀ kalẹ̀ lọ títí láì dé ibi kan. Nínú àpẹẹrẹ yín, ó ń sún mọ́ 1 ní apá kan, ó ń sún mọ́ 2 ní apá kejì, kò sì kan èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹ fi x/y, y/z, z/x tó kọjá lókè yẹn rọ́pò a, b, c, ẹ ó rí i kedere:

```
y/(x+y) + z/(y+z) + x/(z+x)
```

Bí ẹ bá fi x+y+z rọ́pò ìsàlẹ̀ ìdá kọ̀ọ̀kan, ìdá á kéré sí i, àròpọ̀ á sì jẹ́ 1. Nítorí náà ó ju 1 lọ. Ẹ yọ ìdá kọ̀ọ̀kan kúrò nínú 1, ẹ ó rí irú ìdá kan náà tí a yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, òun náà ju 1 lọ, nítorí náà tiwa kò tó 2.

Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi fẹ́ràn a+b+c = 1 ju abc = 1 lọ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lo kákúlọ́ọ̀sì. Níbẹ̀, kò sí lẹ́tà tó lè kọjá 1, ẹ sì lè jẹ́ kí òdo wọlé, òkè àti ìsàlẹ̀ á wà dájú bí ìṣirò náà kò bá já níbì kankan.

Tísà_ÒmùÀrán

Òdo yẹn náà, ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ọn. Bí ìbéèrè bá sọ pé a, b, c "kò kéré sí òdo" dípò "ju òdo lọ," ẹ ò lè kọ abc = 1 kí ẹ dákẹ́. Kò sí nọ́ńbà tí ẹ máa fi pín (1, 1, 0) tí ìlọ́po rẹ̀ á di 1. Ẹ kọ́kọ́ yanjú ibi tí lẹ́tà kan ti jẹ́ òdo lọ́tọ̀, ó sábà máa ń rọrùn, lẹ́yìn náà kí ẹ wá sọ pé ìyókù ju òdo lọ.

Àti èyí: òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ni ẹ ní lọ́wọ́. Mo ti rí ìwé tí ọmọ kọ abc = 1 ní òkè, tó tún kọ a+b+c = 3 ní ààrin. Bí méjèèjì bá jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, a = b = c = 1 nìkan ló kù, ọmọ náà ti fìdí ẹyọ kan múlẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Tankẹ

Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tí mo máa yàn, abc = 1 tàbí a+b+c = 1?

Àáfà_Oníṣirò

Wo ohun tó ń dí ọ lójú. Bó bá jẹ́ b+c ló wà ní ìsàlẹ̀ ìdá, bíi a/(b+c), yan a+b+c = 1, ìdá náà á di a/(1−a), lẹ́tà kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ bc ló wà níbẹ̀, yan abc = 1, bc á di 1/a.

Àpẹẹrẹ tó dùn jù fún èyí ni ìbéèrè kejì Olimpíádì Àgbáyé 2001: àròpọ̀ a/√(a²+8bc) àti méjì tó jọ ọ́ kò kéré sí 1. Ipele òdo ni. Pẹ̀lú abc = 1, 8bc di 8/a, ìdá náà di 1/√(1+8/a³). Pe 1/a³ ní x, kí o ṣe bẹ́ẹ̀ fún b àti c. xyz ṣì jẹ́ 1, ìbéèrè sì di:

```
1/√(1+8x) + 1/√(1+8y) + 1/√(1+8z) ≥ 1,   xyz = 1
```

Ìdá kọ̀ọ̀kan ti di ti lẹ́tà kan. Níbi yìí, abc = 1 ṣe ju kí ó dín ìkọ̀wé kù lọ.

Injíníà_Ìpata

Èyí rọrùn. Pe x ní eᵘ, àròpọ̀ àwọn u á jẹ́ òdo, kí ẹ lo Jensen, iye rẹ̀ ní u = 0 jẹ́ 1/3, ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 1.

Tísà_ÒmùÀrán

Ẹ yẹ ìtẹ̀sí rẹ̀ wò kí ẹ tó lo Jensen, Injíníà. Mo mú ìyípadà ẹlẹ́ẹ̀kejì, àmì rẹ̀ tẹ̀ lé ti 4x−1. Ó tẹ̀ sí òkè níbi tí x bá ju 1/4 lọ, ó tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ níbi tí kò bá tó bẹ́ẹ̀. Jensen yín dúró bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ju 1/4 lọ. Bí x bá kéré jù ńkọ́? Nígbà tí x bá ń lọ sí òdo, tí y àti z ń ga, àròpọ̀ náà tún ń sún mọ́ 1 láti òkè. Kò sí àyè fún ìwọ̀n tí kò péye níbẹ̀.

Injíníà_Ìpata

Mo rí i. Mo gbìyànjú láti fi 1/√(1+8x) nìkan bo àìtó yẹn, ó ku díẹ̀ kí ó tó 1, díẹ̀ yẹn ni mi ò rí mú. Mo ṣì ń wá a.

Bọ̀dá_Ọ̀fà

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ àbúrò. Nínú ìdánwò, ṣé "ẹ jẹ́ kí abc = 1" nìkan tó, tàbí ó gbọ́dọ̀ kọ àlàyé t yẹn?

Tísà_ÒmùÀrán

Ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Ìlà méjì ni: pé fífi ta, tb, tc rọ́pò kò yí àìdọ́gba padà, àti pé a yan t = 1/∛(abc). Bí mo bá ń máàkì, tí mi ò rí ìlà yẹn, màá yọ máàkì.

Àáfà_Oníṣirò

Èmi ò ní yọ ọ́ bí ipele bá hàn gbangba. "Ipele dọ́gba, nítorí náà abc = 1" ti tó fún mi.

Tísà_ÒmùÀrán

Ẹ wo ti Bọ̀dá lókè, Àáfà. Òun náà kọ abc = 1 nígbà tí ipele kò dọ́gba, lójú tirẹ̀ ó hàn gbangba.